Lẹ́tà sí Màámi nípa fóònù wọn

Màámi,

Ẹ kú ọjà o, ẹ kú òòrùn Ìtòkú. Orúnkún yín ń kọ́, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwa náà wà dáadáa ní Manchester níbí, Mósún ń dàgbà, ó ti ń pe "Màmá Àgbà" ketekete báyìí, tó bá ti gbọ́ tí fóònù mi dún á ti sáré wá kó wò ó bóyá ẹ̀yin ni.

Dàpọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí, mo ní kó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà ní lẹ́tà gàdàgbà kó sì mú un wá fún yín tó bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn, torí tí mo bá kọ ọ́ sórí fóònù ẹ ò ní rí i kà, ohun tí mo sì fẹ́ tún ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pépà yìí síbi tẹ́ ẹ ń tọ́jú ìwé owó àwọn oníbàárà yín sí, kó má sọnù.

Màámi, ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ oṣù tó kọjá. Nígbà tí mo rí i pé mo ti lóyún ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí, mi ò tíì sọ fún Dàpọ̀ pàápàá. Ẹ fún Ṣèyí ní fóònù kó bá yín kà á bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe, ọmọ yẹn sì kà á sókè nínú ṣọ́ọ̀bù lójú àwọn tó wá ra àdìrẹ. Ṣèyí ò ṣẹ̀ o, ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe, Ọlọ́run á bùkún un fún gbogbo ìrànlọ́wọ́ tó ń ṣe fún yín. Àmọ́ ó dùn mí. Mo fẹ́ kó jẹ́ ojú yín ló kọ́kọ́ rí i, kẹ́ ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ wá pè mí. Tí Ṣèyí bá sì ti lọ sílé ìwé, àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lẹ ò lè pè mí kí n rí ojú yín, àfi kẹ́ ẹ máa dúró dè mí. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nǹkan kan kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀, ẹ ò lè ba fóònù yẹn jẹ́ nípa títẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ṣìnà, bọ́tìnnì àárín nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tó rí róbótó, ẹ tẹ̀ ẹ́, á dá yín padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ gbọin o. Bẹ́ ẹ ṣe máa ń fi orí ìka kan ẹ̀kọ lára aṣọ ẹlẹ́kọ láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni, ẹ kàn án kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ pẹ́ lórí ẹ̀, ó máa rò pé nǹkan mìíràn lẹ fẹ́. Kí ọwọ́ gbẹ pẹ̀lú, tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí aró kẹ́ ẹ kọ́kọ́ nù ún dáadáa, ọwọ́ tútù kì í jẹ́ kó gbọ́ràn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ lẹ́tà ẹ̀ di ńlá, torí tẹ́ ẹ bá ti lè ka ohun tó wà lójú fóònù, gbogbo ìyókù ti rọrùn.

Ẹ wá àwòrán kan tó rí róbótó tó ní eyín yí ká bíi jíà kẹ̀kẹ́, wọ́n kọ Settings sábẹ́ ẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ máa tò wálẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, ọ̀kan ṣoṣo lẹ ń wá níbẹ̀. Ẹ fi ìka kan sí ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ fà á lọ sókè, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ na aṣọ lórí tábìlì, títí tẹ́ ẹ máa fi rí Display. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Nínú ibẹ̀ ẹ máa rí Font size, ìyẹn ni títóbi lẹ́tà, ẹ tẹ òun náà. Ìlà kan máa jáde, A kékeré wà lápá òsì, A ńlá wà lápá ọ̀tún, róbótó kékeré kan sì wà lórí ìlà yẹn. Ẹ fi ìka mú róbótó yẹn kẹ́ ẹ rọra wọ́ ọ lọ sápá ọ̀tún, bẹ́ ẹ ṣe ń wọ́ ọ lẹ máa rí i tí àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lókè ń tóbi sí i. Ẹ má gbé e dé òpin pátápátá, ẹ jẹ́ kó ku ẹyọ kan, torí tó bá tóbi jù àwọn ọ̀rọ̀ kan máa ń gé sí méjì, èyí tó sì yẹ kẹ́ ẹ rí á wá farapamọ́.

Tẹ́ ẹ bá ṣe ìyẹn tán, ti Wọ́sáàpù wà lọ́tọ̀, ó ní tiẹ̀ náà. Ẹ ṣí Wọ́sáàpù, èyí tó ní àwọ̀ ewé tí fóònù funfun wà láàárín ẹ̀. Lókè lápá ọ̀tún pátápátá, ẹ máa rí àmì róbótó kínkínní mẹ́ta tí wọ́n tò lé ara wọn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ Settings, ẹ tẹ Chats, ẹ wá Font size, ẹ mú Large. Ó tán. Láti ìgbà yẹn lọ, ohun tí mo bá kọ sí yín á tóbi, ẹ̀yin nìkan lẹ máa kà á.

Tó bá wá tóbi tán tí ojú ṣì ń ṣú, Màámi ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù mọ́, kí Dàpọ̀ mú yín lọ sí FMC Ìdí-Àbà kí wọ́n yẹ ojú yín wò, gíláàsì tẹ́ ẹ ń lò yẹn ti pẹ́ jù. Mo máa fi owó ẹ̀ ránṣẹ́, ẹ má rò ó rárá.

Ó kan pípe ara wa wàyí.

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé dátà wà ní títàn. Ẹ fi ìka fa òkè fóònù wálẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Mobile data sí, tó bá ní àwọ̀ ó ti wà ní títàn nìyẹn, tó bá rí bíi eérú ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí Wọ́sáàpù. Orúkọ àwọn èèyàn ló máa tò wálẹ̀ níbẹ̀, ẹ wá ibi tí àwòrán èmi àti Mósún wà, Dàpọ̀ kọ Funmi síbẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ yẹn. Ẹ gbójú sókè lápá ọ̀tún, ẹ máa rí àmì kámẹ́rà, ó dà bí àpótí kékeré tó yọ ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun lẹ máa tẹ̀. Àmì fóònù wà nítòsí ẹ̀, ìyẹn ti ohùn nìkan ni. Ó lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ pè lóòótọ́, ẹ tẹ Call.

Ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe é, fóònù lè gba àyè lọ́wọ́ yín kó tó lo kámẹ́rà, kó sì tún gbà á kó tó lo ohùn yín. Ẹ tẹ While using the app ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Kì í ṣe èèyàn ló ń bi yín, fóònù fúnra ẹ̀ ni, kò sì ní bi yín mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá rí Calling, kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Tó bá yí padà di Ringing, ó ti ń dún lọ́wọ́ mi, ẹ dúró kí n gbé e. Ẹ má gbé fóònù sétí o Màámi! Etí yín nìkan ni Mósún rí lọ́jọ́ yẹn, ó ń wá Màmá Àgbà kiri. Ẹ gbé e síwájú ojú yín, tàbí kẹ́ ẹ fi ti jọ́ọ̀gì omi lórí tábìlì, kẹ́ ẹ kọjú sí ẹnu ọ̀nà ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, tẹ́ ẹ bá kọ̀yìn sí i ojú yín á dúdú. Tó bá jẹ́ pé aṣọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ ń rí dípò ojú yín, ẹ wá àmì kámẹ́rà tó ní ọfà tó ń yí po, ẹ tẹ̀ ẹ́, á yí padà. Tí mo bá ní mi ò gbọ́ yín, ẹ wo àmì maikirofóònù nísàlẹ̀, tí wọ́n bá fa ìlà sọdá lórí ẹ̀ ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ìlà yẹn kúrò. Tá a bá sọ̀rọ̀ tán, pupa ni ẹ tẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo pè, ẹ fi ìka mú àmì tó ní àwọ̀ ewé kẹ́ ẹ fà á lọ sókè. Títẹ̀ lásán kì í gbé e, ìdí tó fi máa ń já mọ́ yín lọ́wọ́ nìyẹn.

Fídíò máa ń jẹ dátà ju ohùn lọ, tí nẹ́tíwọ̀kì bá ń ṣe ségesège tí ojú mi ń dúró gbagidi, ẹ pa á kẹ́ ẹ fi ti ohùn pè. Ti aago náà, láti ìparí Oṣù Kẹta títí di ìparí Oṣù Kẹwàá, aago wa dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, tí aago 8 bá lù lọ́dọ̀ yín, aago 7 ló lù níbí. Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn dúró, ìgbàkígbà lẹ lè pè.

Ẹ jọ̀ọ́, èyí ṣe pàtàkì. Tí ẹnikẹ́ni bá pè tàbí kọ̀wé sí yín pé kẹ́ ẹ ka àwọn nọ́ńbà mẹ́fà kan tó wọlé sórí fóònù yín fún òun, ẹ má fún un. Kódà tó bá ní èmi lòun, kódà tó bá ní Dàpọ̀ ni. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń gba Wọ́sáàpù lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n á wá máa fi orúkọ yín yáwó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín. Ẹ gé e, kẹ́ ẹ pe Dàpọ̀.

Dàpọ̀ á jókòó tì yín lọ́jọ́ tó bá mú pépà yìí wá, àmọ́ mo ti sọ fún un pé kó má tẹ nǹkan kan bá yín, ẹnu nìkan ni kó fi sọ ọ́, ọwọ́ yín ni kó ṣe é. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tẹ́ ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tẹ́ ẹ sì ti jẹun, mi ò ní pè yín o. Èmi àti Mósún á jókòó sídìí fóònù, a máa dúró dè yín. Mo ti ya fọ́tò ọmọ inú mi tí wọ́n yà ní ọsibítù sílẹ̀, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi hàn.

Ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀