Nípa ìwé Bàbá: ibi tí àdéhùn wa dé, àti àwọn iṣẹ́ tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀, Mà. Ẹ sì kú làálàá ìwé tí ẹ kọ nípa Bàbá.

Mo rí ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ní agogo mọ́kànlá alẹ́ àná, pé kí n fi orí tuntun kan sí àárín orí kẹrin àti orí karùn-ún, kí n ṣe atọ́ka sẹ́yìn ìwé, kí n sì tún ṣe ẹ̀dà tí àwọn ọmọ-ọmọ yín á lè kà lórí fóònù. Ẹ ní nǹkan kékeré ni. Mi ò fèsì lóru, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí mo lè fi ìkánjú dáhùn. Mo fi í sùn, mo fi í jí, mo sì rí i pé ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín dáadáa.

Ìwé yìí wà lọ́kàn mi gan-an, Mà. Ní orí keje, níbi tí Bàbá ti ń da lẹ́tà kan ṣoṣo kọ lẹ́ẹ̀mẹrin nítorí pé tádàwà ń kán sórí bébà, tí ẹ̀yin sì ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà, ṣe ni mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ kí ìwé yìí jáde, kó sì jáde dáadáa. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

Àdéhùn tí a jọ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 3 oṣù kejì kò gùn. Ó ní màá ka ìwé olórí méjìlá, màá tún èdè àti àmì rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 48,000. Bí ó bá lé, kò gbọdọ̀ lé ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Màá to ojú ìwé rẹ̀ fún ìtẹ̀wé, màá fi àwòrán 15 sí i, ẹ ó sì lè dá a padà fún àtúnṣe lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tí mo bá tò ó. Fáìlì PDF tí ilé ìtẹ̀wé máa lò ni màá fà lé yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin. A pín owó rẹ̀ sí mẹ́ta, ẹ sì ti san méjì lásìkò, láìjẹ́ pé mo béèrè. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn lọ́pọ̀lọpọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Orí kẹtàlá wọlé ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta, ọ̀rọ̀ 5,200. Mo ṣe é, mi ò sì sọ nǹkan kan nípa owó tàbí àkókò. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, Mà. Ó yẹ kí n ti sọ lọ́jọ́ náà pé ó ti kọjá ohun tí a fọwọ́ sí. Dídákẹ́ tí mo dákẹ́ ló jẹ́ kó dà bíi pé kò sí ààlà kankan. Mi ò ní gba kọ́bọ̀ lórí orí kẹtàlá. Ẹ̀bùn tèmi sí ìwé Bàbá ni. Àmọ́ mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ fún èyí tó kù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí orí tuntun kò fi lè jẹ́ nǹkan kékeré mọ́ báyìí. Ìwé náà ti di ojú ìwé 224. Ilé ìtẹ̀wé tí ẹ fẹ́ lò ń tẹ ojú ìwé 16 sórí bébà ńlá kan, wọ́n á wá ká a di ìká kan, wọ́n á gé e. Ojú ìwé 224 jẹ́ ìká 14 géérégé, kò lé, kò dín. Orí tuntun yìí máa gba nǹkan bí ojú ìwé 18, ìyẹn á sọ ọ́ di 242. Ìká 15 kò gbà ju 240 lọ. Ojú ìwé méjì péré ló máa bọ́ sínú ìká kẹrìndínlógún, ojú ìwé 14 á wá ṣófo lẹ́yìn ìwé, ẹ ó sì san owó bébà wọn.

Ẹ tún wò ó, Mà: tí orí tuntun bá wọ àárín orí kẹrin àti ìkarùn-ún, orí karùn-ún á di ìkẹfà, ìkẹfà á di ìkeje, bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí. Mo kà á láàárọ̀ yìí: ibi 23 ni ẹ ti darí òǹkàwé sí orí mìíràn nínú ìwé. Ní ojú ìwé 131, ẹ kọ ọ́ pé, "bí mo ṣe sọ nípa lẹ́tà náà ní orí keje." Tí a kò bá tún un ṣe, ẹni tó bá ṣí orí keje lọ máa bá ìtàn ìrìn-àjò yín àkọ́kọ́ níbẹ̀, kò ní rí lẹ́tà kankan. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ tọ̀ lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni, yàtọ̀ sí kíka orí náà fúnra rẹ̀.

Ti àwòrán ńkọ́? Àdéhùn wa sọ 15. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta, ẹ tún fi 26 ránṣẹ́, ó di 41. Orí WhatsApp ni wọ́n gbà wá, WhatsApp a sì máa fún àwòrán pọ̀ kó lè tètè lọ. Èyí tí Bàbá ti dúró níwájú ilé ẹ̀kọ́ wọn, tí wọ́n di ìwé mọ́ àyà, píksẹ́lì 600 péré, ìyẹn àwọn àmì àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ni fífẹ̀ rẹ̀ nígbà tó dé ọwọ́ mi. Tí a bá fẹ́ kó mọ́ lórí bébà, píksẹ́lì 300 ló yẹ kó wà nínú ìnṣì kan, ìyẹn ni pé ìnṣì méjì ni àwòrán yẹn lè fẹ̀ mọ. Tí mo bá nà án kún ojú ìwé, ojú Bàbá á ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan 15 tó wù yín jù nínú gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìmeèlì mi bí wọ́n ṣe jáde látinú kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ tí ẹ fi yà wọ́n. Pípààrọ̀ èyí tí kò dára sí èyí tó dára wà nínú iṣẹ́ mi. Àwòrán 26 tó lé ni kò sí níbẹ̀.

Àtúnṣe méjèèjì tí a sọ ti parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Látìgbà náà, mo ti gba ìwé àtúnṣe lọ́wọ́ àwọn àbúrò yín méjì. Lórí ojú ìwé 38, ọ̀kan ní ọmọ ọdún 19 ni Bàbá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà, èkejì ní 21. Èmi kọ́ ni mo lè dá ẹjọ́ yẹn, Mà. Ọ̀rọ̀ ilé yín ni. Ohun tí mo máa bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí mi, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jọ fẹnu kò nílé. Tí ẹ bá rí àṣìṣe tó jẹ́ pé èmi ni mo ṣe é, bóyá àmì tí mo fi sí ibi tí kò yẹ tàbí ìlà tó fò, màá tún un ṣe títí di ọjọ́ tí ìwé á lọ sílé ìtẹ̀wé. Ìyẹn ò sí nínú iye tí à ń kà.

Èèpo ìwé tí ẹ mẹ́nu bà ní ọjọ́ 2 oṣù yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mi ò ní fi ìwé Bàbá kọ́ṣẹ́. Mo mọ àwọn méjì tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, màá fún yín ní nọ́ńbà wọn. Wọ́n máa béèrè iye ojú ìwé lọ́wọ́ yín, torí òun ló ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ ìwé ṣe máa nípọn tó. Ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ kí iye náà dúró lójú kan. Atọ́ka náà kò ṣeé ṣe títí ojú ìwé á fi dúró. Ẹ̀dà orí fóònù, EPUB, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ gbáà ni: kò ní nọ́ńbà ojú ìwé, ó ń na ara rẹ̀ bí fóònù bá ṣe tóbi tó, ó sì máa ní ISBN tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé mọ̀. Mo lè ṣe méjèèjì, lórí àdéhùn tuntun.

Ọ̀nà méjì ló wà báyìí, Mà.

Àkọ́kọ́, kí n parí orí mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá àti àwòrán 15 bí wọ́n ṣe wà, kí n fà á lé yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ 30 oṣù yìí, kí ẹ sì san ìdá tó kù.

Èkejì, kí a dá iṣẹ́ dúró, kí a fọwọ́ sí àfikún fún orí tuntun, àwòrán 26 àti àtúnṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Owó rẹ̀ wà nínú bébà kan tí mo so mọ́ lẹ́tà yìí. Ìdajì ni ẹ ó san kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ni màá lè parí rẹ̀.

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, àkọ́kọ́ ni mo fara mọ́. Ìrántí Bàbá bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ni ilé ìtẹ̀wé ní kí ẹ fún àwọn. Ọ̀nà kejì kò lè bá ọjọ́ yẹn. Mo ti ka ojú ewé méjì àkọ́kọ́ nínú orí tuntun yẹn, ó dùn, kò sì yẹ kó ṣègbé. Ẹ jẹ́ kó dúró de ìtẹ̀jáde kejì, kí a fún un ní àyè tó yẹ ẹ́, dípò kí a há a sáàárín ìwé pẹ̀lú ìkánjú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ èsì yín lórí ìmeèlì kó tó di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ìgbà náà, màá máa bá iṣẹ́ lọ lórí ọ̀nà àkọ́kọ́ kí ọjọ́ má baà bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Mi ò ní fọwọ́ kan orí tuntun kí n tó gba èsì yín.

Láti òní lọ, ẹ jẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ máa gba orí ìmeèlì. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ni mò ń fèsì. Tí ẹ bá fẹ́ kí a sọ ọ́ lẹ́nu, mo ráyè ní ọjọ́ Rú láti agogo mẹ́wàá. Ẹ kàn fi àkókò tó rọ̀ yín lọ́rùn ránṣẹ́, màá pè yín.

Mo ti so ẹ̀dà àdéhùn ọjọ́ 3 oṣù kejì àti bébà àfikún náà mọ́ ọn, kí ẹ lè gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wò.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
tó ń bá yín tún ìwé Bàbá ṣe