Dádì Tóbi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta: ọ̀rọ̀ ilé yín ní Ológùnẹ́rù

Ìbàdàn, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 24, oṣù kẹjọ, ọdún 2025

Dádì Tóbi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, sà. Ẹ kú làálàá ìlú òyìnbó. Mọ́mì Tóbi ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ sọ fún mi nínú oṣù karùn-ún pé Tóbi ń ṣe ìdánwò àṣejáde, mo sì gbọ́ pé èsì irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ti jáde lọ́dọ̀ yín láàárín oṣù yìí. Àdúrà mi ni pé èyí tó máa múnú yín dùn ni ọmọ náà mú wálé.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 20, oṣù kẹfà la sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ nígbà tí ẹ pè. Láti ìgbà yẹn ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Sà, mi ò kọ lẹ́tà yìí láti béèrè pé kí ló dé. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ ló mọ bí iṣẹ́ ṣe ń gbóná sí, ẹni tó wà nínú ilé ló mọ ohun tó ń lọ nínú ilé. Ohunkóhun tó bá fà á, ẹ kò jẹ mí ní àlàyé. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ mọ ibi tí ilé dúró sí, kí ẹ sì rí i pé ìgbésẹ̀ tó kàn kò le rárá.

Àmọ́ mo ní ohun kan láti sọ nípa tèmi ná. Mo padà gbọ́ àwọn ohùn tí mo fi ránṣẹ́ sí yín lórí Wọ́sáàpù lọ́sẹ̀ yẹn. Ìbéèrè kan péré lẹ bi mí: ṣé ilé yìí lè di pẹ́tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ iwájú? Mo fi ohùn mọ́kànlá dá yín lóhùn, mo to iye owó tuntun tẹ̀ lé e, mo wá tún ní kí ẹ fèsì kí ọjọ́ Mọ́ńdè tó pé. Ẹrù yẹn pọ̀ jù fún ẹni tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lálẹ́. Ẹ bá mi pa gbogbo iye owó yẹn tì, sà. Kò sí èyí tí mo gbé ìpinnu lé lórí nínú rẹ̀, mi ò sì ra ohunkóhun nítorí rẹ̀.

Ní ti ilé, ó wà bí ẹ ṣe fi ojú rí i kẹ́yìn nínú fídíò. Ògiri yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pálọ̀ àti ilé ìdáná ti dé ibi tí líńtẹ̀lì máa jókòó sí, yíká gbogbo ilé. Kò sí ibi tó sán, kò sí ibi tó tẹ̀. Mo mú okùn àti ìwọ̀n omi lọ síbẹ̀ lánàá, mo yẹ igun kọ̀ọ̀kan wò. Koríko ti gorí ìpìlẹ̀ lẹ́yìn ilé, a ti ro ó. Igi mángòrò tí Màámá ní kí a má gé ṣì dúró síbẹ̀. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé kejì ló ń bá wa fojú sí tiwa. Mo máa ń fún un ní nǹkan díẹ̀ lápò ara mi, ẹ má kà á sí gbèsè. Fọ́tò mẹ́fà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, àná ni mo yà wọ́n.

Nǹkan méjì ló wà tí mi ò fẹ́ kó pẹ́ jù.

Èkíní ni irin tó yọ lórí pílà mẹ́fà tó wà níwájú ilé. Ó ti ń dógùn-ún lójú. Ìyẹn kò tíì ba nǹkan kan jẹ́, torí ògùn-ún òkè yẹn kan ṣeé fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha kúrò ni. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ń pa á, tí oòrùn ń pa á lé e, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin náà wọ inú. Ẹ mọ bí òjò wa ṣe máa ń ṣe: ó ti dá díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ yìí, tó bá di oṣù kẹsàn-án á tún padà, á sì máa rọ̀ títí wọ oṣù kẹwàá. Orí ògiri náà ṣí sílẹ̀, omi ń wọ inú ihò búlọ́ọ̀kù láti òkè. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé nísinsìnyí tí ilẹ̀ ṣì gbẹ.

Èkejì ni síméǹtì. Ọjọ́ 17 oṣù kẹfà la ra àpò 60. A ti lo 22, ó ku 38. Mo tò ó sórí pákó nínú yàrá tí mo háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáìtì, mi ò jẹ́ kó kan ilẹ̀, mi ò jẹ́ kó kan ògiri, mo sì fi tàpólì bò ó. Ó ṣì dára, mo ti tú àpò kan wò, ó kúnná dáadáa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwa bíríkìlà kì í fẹ́ kí síméǹtì lé ní oṣù mẹ́ta nínú àpò, pàápàá nígbà òjò, torí agbára rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dì. Àárín oṣù kẹsàn-án ni tiwa máa pé oṣù mẹ́ta.

Owó ńkọ́? Mílíọ̀nù méjì náírà lẹ fi ránṣẹ́ kẹ́yìn. Síméǹtì gba 570,000. Irin líńtẹ̀lì àti okùn irin gba 420,000. Yanrìn gba 150,000, òkúta gba 310,000, pákó àti ìṣó gba 165,000. Owó ọwọ́ àwọn bíríkìlà tó gbé ògiri dókè jẹ́ 190,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,805,000. Ó ku 195,000 lọ́wọ́ mi, ó wà ní àkáǹtì lọ́tọ̀, mi ò fọwọ́ kàn án. Gbogbo rìsíìtì wà, mo lè ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́.

Ohun tí mo rí nínú ìṣirò yìí ló mú mi lọ́kàn le. Irin líńtẹ̀lì wà nílẹ̀. Pákó wà. Yanrìn àti òkúta wà. Síméǹtì 38 yẹn tó líńtẹ̀lì dà. Owó ọwọ́ káfíńtà àti àwọn tó máa pò ó jẹ́ 150,000, ó wà nínú 195,000 yẹn. Ìyẹn ni pé a lè da líńtẹ̀lì yíká gbogbo ilé láìjẹ́ pé ẹ fi kọ́bọ̀ kan kún un. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Lẹ́yìn rẹ̀ a ó máa bu omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje, ilé á sì lè dúró bẹ́ẹ̀ títí ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Orí ògiri á ti dí, síméǹtì kò ní ṣòfò. Èmi fúnra mi, tó bá jẹ́ ilé mi ni, ohun tí màá ṣe nìyẹn.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí gbogbo nǹkan dúró ná, a lè dá a dúró dáadáa, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tó dára jù lọ ní àdúgbò yìí ló dúró ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó kàn án. A ó ha ògùn-ún irin kúrò, a ó po síméǹtì olómi, a ó fi pa irin pílà kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀, a ó sì fi rọ́bà bo orí rẹ̀. A ó fi síméǹtì fẹ́ẹ́rẹ́ dí ihò búlọ́ọ̀kù lórí ògiri. Síméǹtì àpò méjì àti 30,000 tó o. Ẹnì kan tó ń kọ́lé lọ́nà Ẹlẹ́yẹlé á gba síméǹtì 36 tó kù ní iye tí a rà á gan-an, 9,500 àpò kan, 342,000 á sì padà sínú owó yín.

Ní ti pẹ́tẹ́ẹ̀sì, mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ mi sọ, torí mo yára dáhùn lọ́jọ́ yẹn. Ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ la gbẹ́. Kí a tó gbé dékìn lé e, ẹnjiníà gbọ́dọ̀ wá wo ìsàlẹ̀ pílà, kó ṣírò ẹrù tó lè gbà, ó sì ṣeé ṣe kó ní kí a gbẹ́ ìdí àwọn pílà kan kí a fún un ní ìtẹ́lẹ̀ tó fẹ̀ sí i. Líńtẹ̀lì tí a bá dà báyìí kò dí ọ̀nà yẹn, irin pílà á ṣì yọ sókè. Nítorí náà kò pọn dandan kí ẹ pinnu pẹ́tẹ́ẹ̀sì lọ́dún yìí rárá.

Ẹ kò ní láti kọ lẹ́tà gígùn padà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí a da líńtẹ̀lì, ẹ kàn tẹ “Dà á” sórí Wọ́sáàpù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí a bo ilé ná, ẹ tẹ “Bò ó”. Bí mi ò bá gbọ́ títí di ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án, màá bo irin àti orí ògiri kí òjò tó le, mi ò ní ná ju 30,000 yẹn lọ, mi ò sì ní ta síméǹtì láìjẹ́ pé ẹ sọ ọ́. Àyè yín wà nínú ìwé iṣẹ́ mi, mi ò gbé e fún ẹlòmíràn.

Ẹ má bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà Màámá ní Òkè-Bọ́lá lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà kí wọn, ara wọn le, wọ́n fi iṣu gígún ṣe mí lálejò. Mi ò mẹ́nu ba ilé. Ẹ̀yin ni ẹ gbé iṣẹ́ fún mi, ẹ̀yin nìkan ni mo máa bá sọ ọ́.

Tó bá jẹ́ pé ohùn lẹ fẹ́ gbọ́, aago tiyín àti tiwa bára mu lásìkò yìí. Mo máa ń dé ilé ní aago méje ààbọ̀ alẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ọjọ́ 30, màá wà ní sáìtì láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ọ̀sán. Tẹ́ ẹ bá pè mí lásìkò yẹn, màá gbé fóònù káàkiri ilé fún yín, yàrá kan sí òmíràn, kí ẹ fi ojú ara yín rí i.

Ẹ bá mi kí Tóbi kú oríire.

Àbúrò yín,
Mùfú, bíríkìlà