Ìwé Ìtọrọ Àyè Ọjọ́ Kan Láti Lọ Tẹ̀ka fún Físà ní Ìkẹjà

Ẹ̀ka Lábù,
Fátẹ̀, Ìlọrin.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ọdún 2026.

Sí Dókítà Àgbà,
nípasẹ̀ Alákòóso Òṣìṣẹ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

ÌTỌRỌ ÀYÈ FÚN ỌJỌ́BỌ̀, ỌJỌ́ 21, OṢÙ KARÙN-ÚN, ỌDÚN 2026

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àbójútó gbogbo wa.

Mo fi ìwé yìí tọrọ àyè ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ yín, ìyẹn Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21, oṣù yìí, kí n lè lọ tẹ̀ka, kí wọ́n sì ya àwòrán mi ní ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé físà ìlú Ọba ní Ìkẹjà, ní Èkó. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n fún mi. Físà ìbẹ̀wò ni mo ń tọrọ, nítorí pé àkọ́bí wa obìnrin, tí ẹ̀yin náà bá wa dúpẹ́ nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin, yóò gba ìwé-ẹ̀rí dìgírì kejì ní Mánṣẹ́sítà ní oṣù Keje, èmi àti ìyá rẹ̀ sì fẹ́ wà níbẹ̀ lójú ayẹyẹ náà. Mo lè kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ilé ló dé kí n sì dákẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tọ́ lójú mi kí n gba ọjọ́ lọ́wọ́ yín láìjẹ́ kí ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ìrìn-àjò náà fúnra rẹ̀ kò kan ìtọrọ ti òní. Láti oṣù Kíní tí a ti ṣe ètò ìsinmi ọdọọdún ni ẹ ti fọwọ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì fún mi, láti Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 13, sí Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 24, oṣù Keje, ọjọ́ 27 tó jẹ́ Ọjọ́ Ajé ni mo sì wà nínú ìwé ètò iṣẹ́ àárọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn náà ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù físà, mi ò fi ọjọ́ kan lé e.

Ìdí tó fi jẹ́ oṣù Karùn-ún ni mo ń lọ ni pé wọn kì í gba fọ́ọ̀mù ìbẹ̀wò tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, bẹ́ẹ̀ ni èsì sì sábà máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti tẹ̀ka. Bí mo bá sún un sí oṣù Kẹfà, kò ní sí àlàfo kankan bí wọ́n bá béèrè ìwé míì lọ́wọ́ mi, a sì lè dé oṣù Keje kí èsì wa má tíì jáde. Títẹ̀ka kì í ṣe ohun tí a ń rán ẹlòmíràn, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ẹni tó ń tọrọ físà gan-an ni wọ́n máa ń gbà sórí ẹ̀rọ. Àbújá náà wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn sí wa ju ti Èkó lọ, ó sì lè gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi dípò ọ̀kan.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 20, èmi ni mo ni iṣẹ́ àárọ̀, n óò sì ṣe é tán di agogo méjì ọ̀sán kí n tó kúrò nílùú. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Agége ni n óò sùn. Mo ní ìrètí pé kò ní kọjá agogo mọ́kànlá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí wọn yóò fi dá mi sílẹ̀, tí n óò sì wọ mọ́tò padà sí Ìlọrin lọ́jọ́ kan náà. Ẹ mọ bí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe máa ń rí bí ọkọ̀ àjàgbé kan bá dínà, nítorí náà mo ti bá igbákejì mi pààrọ̀, òun ni yóò ṣe iṣẹ́ àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, èmi ni n óò ṣe ti ọ̀sán láti agogo méjì. N óò sì gba iṣẹ́ òru Ọjọ́ Àbámẹ́ta rẹ̀ dípò rẹ̀. Ìwé ètò iṣẹ́ tuntun tí àwa méjèèjì buwọ́ lù wà lẹ́yìn ìwé yìí.

Ohun tó gba ìrònú jù lọ́dọ̀ mi ni pé Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Àyè títẹ̀ka tó kù ní ọ̀sẹ̀ náà bọ́ sí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́ Ẹtì, tó jẹ́ ọjọ́ àwọn aláboyún, mi ò sì lè fi lábù sílẹ̀ nígbà tí obìnrin tó lé ní ogójì bá ń dúró de pí-sí-fì, oríṣi ẹ̀jẹ̀ àti àwọn àyẹ̀wò yòókù láàárín òwúrọ̀ kan. Ọjọ́bọ̀ kò pọ̀ lérò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí dókítà tó mú abẹ. Ètò tí mo ṣe rèé. Gbogbo aláìsàn tí orúkọ wọn bá wà nínú ìwé iṣẹ́ abẹ Ọjọ́bọ̀ yóò fún wa ní ẹ̀jẹ̀ wọn láàárọ̀ Ọjọ́rú, kì í ṣe lálẹ́ bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kí èmi fúnra mi lè fi wé ẹ̀jẹ̀ inú àpò kí n tó lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí a bá gbà lọ́wọ́ aláìsàn ní Ọjọ́rú ṣì wúlò fún ìfiwéra títí di òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, torí wákàtí 72 ni ààlà tí a ń lò fún aláboyún àti ẹni tó ti gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́. Bí iṣẹ́ abẹ kan bá sì yẹ̀ sí Ọjọ́ Ẹtì, a kò ní ní láti tún gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ nítorí ìyẹn. Àpò kọ̀ọ̀kan tí mo bá fi pamọ́ fún aláìsàn kan yóò ní orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ àti ìbuwọ́lù mi lára, yóò sì wà ní pẹpẹ òkè fíríìjì, kí ẹni tó bá wá gbé e lóru má ṣe máa fọwọ́ kan àwọn tó kù.

Fún ọ̀ràn pàjáwìrì, pàápàá obìnrin tó bá ń bímọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, àpò oríṣi O nẹ́gátíìfù méjì ni yóò wà nílẹ̀ tí a kò ní fi fún iṣẹ́ abẹ kankan. Igbákejì mi ni yóò pinnu ìgbà tí a ó lò wọ́n, ó sì ní ìmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí pẹ́, mo sì fi ọwọ́ mi sọ̀yà lórí rẹ̀. Ìyá Ìbejì yóò máa gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláìsàn, yóò sì máa kọ orúkọ sára ìgò lójú aláìsàn, kì í ṣe nígbà tó bá padà dé tábìlì.

Fíríìjì ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò láàárín 2°C sí 6°C. Èmi ni mo ń ka òṣùwọ̀n rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, igbákejì mi ni yóò kà á ní Ọjọ́bọ̀, tí yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé tó so mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí iná ìjọba bá lọ, ínfátà ni yóò gbé e, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ kí ó má ṣe dúró de ìpè kankan láti lábù lọ́jọ́ náà bí iná bá ti lọ fún wákàtí méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún rán àwọn nọ́ọ̀sì létí pé àpò tó bá ti jáde kúrò nínú fíríìjì ju ìṣẹ́jú 30 lọ kò gbọ́dọ̀ padà sínú rẹ̀, bó ti wù kó tutù tó lọ́wọ́. Kí wọ́n má sọ pé aláìsàn ò tíì ṣe tán, kí wọ́n sì dá a padà sípò. Ẹ̀mí ló wà níbẹ̀.

Àwọn èsì tó bá pẹ́ lọ́wọ́ wa ní Ọjọ́rú, n óò tẹ̀ wọ́n jáde kí n tó lọ, kì í ṣe kí n fi wọ́n sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Fóònù mi yóò wà ní títàn lójú ọ̀nà, àfi ní ibi títẹ̀ka, níbi tí wọ́n lè ní kí n pa á fún ìgbà díẹ̀.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ ka ọjọ́ náà mọ́ àwọn ọjọ́ ìsinmi kéékèèké tó kù fún mi lọ́dún yìí. Bí wọ́n bá ti tán nínú ìwé Alákòóso Òṣìṣẹ́, kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù mi, mi ò ní rí i sí. Mo sì mọ̀ọ́mọ̀ mú un ṣáájú ọ̀sẹ̀ Iléyá, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó jẹ́ Mùsùlùmí má bàa rí i pé èmi ni mo gba àyè tó yẹ wọ́n.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Wọ́n ń fẹ́ ìwé láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ tó sọ ipò ẹni, iye ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́, owó oṣù rẹ̀, àti pé a ti fún un láyè ìsinmi fún ọjọ́ tó kọ. Bí Alákòóso Òṣìṣẹ́ bá lè bá mi kọ ọ́ sórí ìwé ilé-ìwòsàn wa kó tó di Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 15, n óò ráyè yà á sórí kọ̀ǹpútà mọ́ àwọn ìwé yòókù. Ohun tí mo kọ sókè yìí nípa oṣù Keje nìkan ni kó sọ, kí ó sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹ̀rọ tuntun tó ń ka ẹ̀jẹ̀, tí ẹ sọ pé yóò dé ní oṣù Kẹfà, ṣì wà lọ́kàn mi. N óò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lábù méjèèjì bí a ti ń lò ó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá dé, kí ó lè mọ́ wọn lọ́wọ́ kí n tó lọ fún ìsinmi oṣù Keje, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní oṣù Kẹjọ sì ti wà nínú ètò iṣẹ́ tí mo kọ fún yín.

Bí Ọjọ́bọ̀ yẹn kò bá rọrùn fún ilé-ìwòsàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ kó tó di Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 8, oṣù yìí, kí n lè tètè lọ sórí ìkànnì wọn, kí n mú ọjọ́ míì nígbà tí àyè bá ṣì wà.

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọ̀gá wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Adéwálé,
Olórí Ẹ̀ka Lábù.