Ifẹ́olúwa kò ní lè wá sí kíláàsì lọ́sẹ̀ yìí

Ẹ káàárọ̀ mà, Àǹtí Bùkọ́lá. Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ, Olúwa á máa fún yín lókun. Màmá Ifẹ́olúwa ti Pírámárì 4 ni o.

Ifẹ́olúwa kò ní lè wá láti òní Mọ́ńdè, ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 2025, títí di Fúráìdeè, ọjọ́ 23. Ṣẹ́gẹdẹ̀ ló mú un. Bí kò bá sí ohun mìíràn tó yọjú, Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ọjọ́ 26, ló máa wọlé. Ẹ bá wa kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà pé àìsàn ni, kì í ṣe pé ó sá. Mo máa fi ìwé tí nọ́ọ̀sì kọ fún wa rán an sí yín lọ́jọ́ tó bá padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín, ó ní abẹ́ etí ń dun òun. Mo rò pé ọgbọ́n kó má baà jẹ oúnjẹ tán ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìgbà tó di ọ̀sán tí mo fún un ní ọsàn, bó ṣe fi kan ẹnu báyìí ló fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́, omijé sì bọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè fi mọ́, apá òsì ti wú débi pé etí rẹ̀ nà síta, ọ̀tún náà ti ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá bàbá rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ní, "Ṣẹ́gẹdẹ̀ nìyẹn," wọ́n sì ti ń wá aró tí wọ́n máa fi kùn ún. Mo jẹ́ kí wọ́n kùn ún, kí ilé lè tòrò, lẹ́yìn náà ni mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wa. Nọ́ọ̀sì rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláró yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ tí Màmá pè é náà ló ń jẹ́. Ara rẹ̀ gbóná dé 38.4. Pàrásítámọ́ọ̀lù olómi nìkan ni wọ́n fún un, pẹ̀lú omi púpọ̀ àti oúnjẹ tí kò gba rírún lẹ́nu. Wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, nítorí náà kí n má lọ ra kápúsù kankan ní kẹ́mísìtì. Ògì àti àkàrà tí a rún mọ́ ọn ló ń jẹ báyìí. Abẹ́rẹ́ èéyi tó gbà nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ kò sì dènà ṣẹ́gẹdẹ̀, mo ti béèrè.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù rèé mà. Nọ́ọ̀sì ní ó ti lè máa ran ẹlòmíràn láti bí ọjọ́ méjì kí ó tó wú, títí di ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn tó wú. Ìyẹn ni pé ní Tọ́sìdeè àti Fúráìdeè tó wà lọ́dọ̀ yín, ó ti lè kó o ran ọmọ ọlọ́mọ. Itọ́ ló ń gbé e kiri, ikọ́ àti sísín náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún màmá Kọ́láwọlé tí wọ́n jọ ń jókòó, nítorí inú gorà kan náà ni wọ́n ti ń mu omi, mo sì ti bá wọn wí títí. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó yọ lára ẹni tó bá ràn, kí wọ́n má baà rò pé ó ti kọjá. Ẹ lè dárúkọ wa fún un, kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ kíláàsì, màmá Mọrẹ́nikẹ́ tó wà lójúlé kejì sí wa ti gbà pé lálaalẹ́ lòun á máa ya fọ́tò nóòtì ọmọ òun ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. A ò ní yá ìwé gan-an, torí Ifẹ́olúwa máa ń fi ẹnu kan bírò àti ìwé. Láti aago mẹ́wàá sí méjìlá, tí ara rẹ̀ bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, á wá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní ṣọ́ọ̀bù, á kọ ti àná. Ojúde ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mi ò sì ní jẹ́ kí oníbàárà sún mọ́ ọn. Tí ibà bá tún dé, a máa fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mi ò fẹ́ fi tipátipá kọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná.

Ìṣirò ni bàbá rẹ̀ gbà. Ìjà kékeré ti ṣẹlẹ̀ lórí ìyẹn lánàá o. Bàbá rẹ̀ fún un ní 936 kó fi 12 pín in. Kí bàbá tó bẹ̀rẹ̀, ó to 12, 24, 36 lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé títí dé 108, kó lè máa wò ó. Ọmọ ní, "Àǹtí wa kì í to nǹkankan, ẹ̀ ń ṣe é kò dáa." Àwọn méjèèjì rí 78, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn. Ẹ jọ̀wọ́, tí àyè bá wà, ẹ ṣe ẹyọ kan sórí pépà bí ẹ ṣe ń ṣe é lójú pátákó, kí ẹ ya á fún mi, kí a má baà kọ́ ọ ní ọ̀nà méjì.

Mo mọ̀ pé tẹ́ẹ̀sì ìṣirò wà ní Tọ́sìdeè yìí. Ṣé ó lè ṣe tirẹ̀ ní Wẹ́sìdeè, ọjọ́ 28? Tí kò bá ṣeé ṣe, bí ẹ bá ti rí i sí la máa gbà. Àròkọ Yorùbá ní tiẹ̀ kò ní pẹ́. Orí ọ̀rọ̀ yẹn, "Ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé," ó ní ọjọ́ tí wọ́n fi aró kun òun lẹ́rẹ̀kẹ́ lòun máa kọ.

Ó ku ti Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé. Ìgbà tó gbọ́ pé òun kò ní sí níbi ìdánrawò máàṣì lọ́sẹ̀ yìí ló sunkún, kò sunkún bẹ́ẹ̀ nítorí ìrora. Ọjọ́ kan péré ló máa kù sí ọjọ́ 27 tó bá padà. Ẹ má di àyè mú nítorí rẹ̀ mà. Ẹ fún ọmọ mìíràn, kí ìlà má baà wọ́. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un.

Fóònù mi máa wà ní títàn. Tí mi ò bá gbé e, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ni, ẹ fi ohùn sílẹ̀. Ẹ ṣeun púpọ̀ mà.

Ẹ má bínú mà, mo tún gbàgbé. Gorà omi rẹ̀ aláwọ̀ ewé wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ láti Fúráìdeè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu nínú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ nù, mo ti ra òmíràn.