Ìwé Òfin Òṣìṣẹ́, Orí 4: Líìfù

Orí yìí wà fún gbogbo òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì wa ní Ìbàdàn, láti ìdí ààrò dé ọ́fíìsì, títí kan àwọn dírẹ́bà tó ń gbé búrẹ́dì kiri. Ìjà tó wáyé ní Oṣù Kejìlá 2024 ló jẹ́ ká tún un kọ. Ìwé àtijọ́ sọ pé "òṣìṣẹ́ lè gba líìfù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dún." Ẹnì kan ní ọdún òun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gba òun síṣẹ́. Akáńtà ní Oṣù Kìíní ni. Ẹnì kẹta ní ọjọ́ Àìkú kò sí nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tòun. Gbogbo wọn ló jàre. Ìwé ló jẹ̀bi.

4.1 Bí a ṣe ń ka ọ̀rọ̀ àti ọjọ́

Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni "ẹ" ń bá wí nínú orí yìí, ọ̀wọ̀ ni. Ibi tí a bá ti kọ "gbọ́dọ̀", dandan ni. Ibi tí a bá ti kọ "ẹ lè", ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ ṣe é tàbí kí ẹ má ṣe é, kò sì sí ẹni tí ẹ máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé máníjà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, a ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ọdún líìfù bẹ̀rẹ̀ ní 1 Oṣù Kìíní, ó sì parí ní 31 Oṣù Kejìlá, ìgbà yòówù kí wọ́n gbà yín síṣẹ́.

Ọjọ́ iṣẹ́ ni ọjọ́ tí orúkọ yín wà lórí rósítà. Mẹ́fà ni nínú ọjọ́ méje; ọjọ́ keje ni ọjọ́ ìsinmi yín, a kì í sì kà á mọ́ líìfù. Ẹni tó bá wọṣẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, tó jáde ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ẹtì, Ọjọ́bọ̀ nìkan ló fi ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ alẹ́ yẹn ló gbà ní líìfù, ọjọ́ kan ló ná, kì í ṣe méjì.

Ọjọ́ kàlẹ́ńdà ni gbogbo ọjọ́, àti Àìkú àti ọlidé. Inú 4.5 nìkan la ti lò ó.

Àwa Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí a wà mọ́ iye ọjọ́. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọjà ń yí, síbẹ̀ ọrún là ń pè é. Ìsán jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ, ìtàdógún sì jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ní ọjà, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Lórí fọ́ọ̀mù líìfù, ó ń sọ ọjọ́ kan nù. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ "ọ̀sẹ̀ kan" tàbí "títí Ọjọ́ Ajé" sórí fọ́ọ̀mù. Déètì méjì péré la fẹ́: ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ kò ní wá, àti ọjọ́ tí ẹ óò padà wọṣẹ́. A ń ka ti àkọ́kọ́, a kì í ka ti ìpadà. Ẹni tí ọjọ́ Àìkú jẹ́ ìsinmi rẹ̀, tó kọ Ajé 9 Oṣù Kẹta 2026 àti Ajé 16 Oṣù Kẹta 2026, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ló gbà.

"Títí di" ọjọ́ kan túmọ̀ sí pé ọjọ́ náà wà nínú rẹ̀. Bí a bá sọ pé ẹ lè lo ọjọ́ kan títí di 31 Oṣù Kẹta, ẹ lè lò ó ní 31 Oṣù Kẹta fúnra rẹ̀.

4.2 Líìfù ọdọọdún

Ohun tí òfin iṣẹ́ Nàìjíríà là sílẹ̀ ni pé kí òṣìṣẹ́ tó bá ti ṣe oṣù méjìlá gba ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ pé. Tiwa jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 18 lọ́dún, owó pé.

Ọjọ́ 18 náà kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kan àti ààbọ̀ (1.5) máa ń wọ káàdì líìfù yín. Oṣù tí wọ́n gbà yín síṣẹ́ wà nínú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ láàárín 1 sí 15 lẹ bẹ̀rẹ̀. Bó bá di 16 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, oṣù tó tẹ̀ lé e ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Ààbọ̀ ọjọ́ kì í sọnù, a kì í sì í sọ ọ́ di odidi: ìdajì wákàtí iṣẹ́ yín lọ́jọ́ náà ni, ẹ sì lè gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọjọ́ tó wà lórí káàdì yín lẹ́yìn tí ẹ bá pé oṣù mẹ́fà níṣẹ́. Àpẹẹrẹ: ẹnì kan tó ń fọ páànù bẹ̀rẹ̀ ní 20 Oṣù Karùn-ún. Oṣù Karùn-ún kò sí nínú kíkà. Láti Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹwàá, oṣù márùn-ún, 7.5 ti wọlé fún un. Ní 20 Oṣù Kọkànlá, ó pé oṣù mẹ́fà, 7.5 náà ló lè lò lọ́jọ́ yẹn. Ní 31 Oṣù Kejìlá, àròpọ̀ ohun tó wọlé fún un lọ́dún náà jẹ́ 10.5.

A kì í yá ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ líìfù. Ohun tí kò tíì wọ káàdì, ẹ kò lè ná an.

Ẹ gbọ́dọ̀ fún máníjà ní fọ́ọ̀mù ní ọjọ́ 14, ó kéré tán, ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́ líìfù. Máníjà gbọ́dọ̀ dáhùn lórí fọ́ọ̀mù náà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ pẹ̀lú ìdí. Bí kò bá dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni la kà á sí. Ìdáhùn ẹnu lásán nídìí ààrò kì í ṣe ìdáhùn. Ibẹ̀ ni ìjà 2024 ti kọ́kọ́ gbóná.

4.3 Ọjọ́ tó ṣẹ́kù nígbà tí ọdún bá parí

Ọjọ́ mẹ́fà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló lè bá yín wọ ọdún tuntun, ẹ sì lè lò wọ́n títí di 31 Oṣù Kẹta. Èyí tó bá ju mẹ́fà lọ jóná ní alẹ́ 31 Oṣù Kejìlá. Èyí tó bá kù nínú mẹ́fà náà jóná ní alẹ́ 31 Oṣù Kẹta. Ìgbàkígbà tí ẹ bá gba líìfù láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ọjọ́ àtijọ́ la ó kọ́kọ́ yọ, kí tuntun tó dé bá a.

Oríṣi ọjọ́ mẹ́ta ni iná yìí kò lè jó.

Àkọ́kọ́, ọjọ́ tí ẹ béèrè lórí fọ́ọ̀mù tí máníjà kọ̀. Oṣù Kejìlá ni ọjà búrẹ́dì máa ń gbóná jù, a sì mọ̀ pé a óò kọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò wá tọ́ kí wọ́n tún pàdánù rẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú mẹ́fà, ẹ lè lò ó títí di 30 Oṣù Kẹfà, máníjà kò sì gbọdọ̀ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jẹ́ ká fi ẹni tó ń po ìyẹ̀fun ṣe àpẹẹrẹ: ó lo 9 nínú 18, ó ku 9. Ó ti béèrè fún 4 nínú rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá, wọ́n kọ̀. Mẹ́rin yẹn wọ ọdún tuntun lọ́tọ̀, ó di 30 Oṣù Kẹfà. 5 tó kù kò tó 6, wọ́n wọlé, ó di 31 Oṣù Kẹta. Kò sí èyí tó jóná. Ká ní kò béèrè rárá ni, 6 ì bá wọlé, 3 ì bá jóná.

Ìkejì, ọjọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún kan níṣẹ́ ní 31 Oṣù Kejìlá. Gbogbo rẹ̀ ló ń bá a wọlé, títí di 30 Oṣù Kẹfà.

Ìkẹta, ọjọ́ mẹ́fà tí òfin iṣẹ́ fún yín. Bí ẹ kò bá tíì lo tó mẹ́fà nínú ọdún náà títí di 31 Oṣù Kẹwàá, máníjà gbọ́dọ̀ jókòó tì yín, kí ẹ jọ mú déètì fún èyí tó kù ṣáájú 31 Oṣù Kejìlá. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi wa ni, ọjọ́ náà kò sì jóná.

A kì í fi owó rọ́pò líìfù fún ẹni tó ṣì wà níṣẹ́. Òfin kò fàyè gbà á, bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìkan ni a ń san án, ìdí yòówù kí ẹ fi ń lọ. Owó oṣù tí a pín sí 26 ni owó ọjọ́ kan: ẹni tó ń gba ₦104,000, tí ọjọ́ 4.5 kù lórí káàdì rẹ̀, ₦4,000 ni ọjọ́ kan, ₦18,000 ni yóò gbà.

4.4 Àìsàn

Ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún, owó pé, fún ẹni tí dókítà tó ní ìwé àṣẹ bá kọ̀wé fún. Gbogbo 12 ló wà nílẹ̀ láti 1 Oṣù Kìíní. Kì í pọ̀ sí i lóṣooṣù, kì í sì í wọ ọdún tuntun. Ìwé kékeré tí wọ́n kọ orúkọ oògùn sí ní kẹ́mísì kì í ṣe ìwé dókítà. Ẹ lè ṣàìsàn ọjọ́ kan láìmú ìwé wá, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, a ó sì yọ ọ́ nínú 12. Ẹ gbọ́dọ̀ pe máníjà kó tó ku wákàtí méjì kí iṣẹ́ yín bẹ̀rẹ̀, bí ara bá gbà yín láyè. Bí àìsàn bá bá yín nínú líìfù ọdọọdún, tí ẹ sì ní ìwé dókítà, a ó dá àwọn ọjọ́ náà padà sórí káàdì.

4.5 Ìbímọ

Ìyá ọmọ ń gba ọjọ́ kàlẹ́ńdà 84. Ó lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́kọ́jọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ṣáájú déètì tí dókítà kọ. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ 42 tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìbí, kódà bí òun fúnra rẹ̀ bá bẹ̀bẹ̀. Bí ọmọ bá pẹ́ dé, a ó fi ọjọ́ kún 84 títí 42 yóò fi pé lẹ́yìn ìbí. Owó pé fún ẹni tó ti ṣe oṣù mẹ́fà. Ìdajì fún ẹni tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Líìfù ọdọọdún ń wọ káàdì rẹ̀ bó ṣe yẹ ní gbogbo àkókò yìí. Bó bá padà, ó lè gba ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú, owó rẹ̀ kò ní dín.

Bàbá ọmọ ń gba ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, kó lò ó láàárín ọjọ́ kàlẹ́ńdà 30 tí ọjọ́ ìbí jẹ́ ọjọ́ kìíní wọn. Kò pọn dandan kó tẹ̀ léra, kí ọjọ́ ìkómọ lè bọ́ sínú rẹ̀.

4.6 Ọ̀fọ̀

Ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, owó pé. A mọ̀ pé bàbá pọ̀ nílé Yorùbá, ìyá sì pọ̀. Fún orí yìí, bàbá tàbí ìyá ni ẹni tó bí yín, tàbí ẹni tó tọ́ yín dàgbà tí ẹ ti kọ orúkọ rẹ̀ sí fáìlì yín kó tó di olóògbé. Ọkọ, aya, ọmọ, àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ẹ jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan tàbí ìyá kan náà wà nínú rẹ̀. Fún ẹ̀gbọ́n bàbá, ìyàwó bàbá, àna àti àwọn mìíràn, ẹ lè gba ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ìsìnkú lè jìnnà sí ọjọ́ ikú, nítorí náà ẹ lè pín ọjọ́ márùn-ún sí méjì, títí di oṣù méjìlá lẹ́yìn ikú.

4.7 Ọlidé

Ọlidé ni ọjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bá kéde. Déètì tí ìjọba bá kéde gbẹ̀yìn la ń tẹ̀ lé fún Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀, bí kàlẹ́ńdà ògiri bá tilẹ̀ sọ ohun mìíràn. Ọlidé tó bá bọ́ sínú líìfù ọdọọdún kò jẹ ọjọ́ kankan lára rẹ̀. Ààrò kì í sinmi lọ́jọ́ ọdún. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà lè gba ọjọ́ mìíràn dípò rẹ̀ láàárín ọjọ́ 30.

4.8 Ìbẹ̀rẹ̀

Orí yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 Oṣù Kìíní 2026. Bí ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá bá ta ko ara wọn, èyí tó ṣe òṣìṣẹ́ lóore jù la ó lò.

Ọjọ́ 2025 tó ṣẹ́kù kò ní ìwọ̀n mẹ́fà; ẹ lè lo gbogbo rẹ̀ títí di 30 Oṣù Kẹfà 2026. Akáńtà gbọ́dọ̀ kọ iye rẹ̀ sórí káàdì yín títí di 15 Oṣù Kìíní 2026. Bí iye náà kò bá bá tiyín mu, ẹ mú ọ̀rọ̀ wá títí di 31 Oṣù Kìíní. Bí ìwé kò bá sí lọ́wọ́ yín, tí kò sì sí lọ́wọ́ akáńtà, iye tí ẹ bá sọ la ó kọ.