Ìdí tí kànga ẹ̀rọ ìlú kan ní Èkìtì fi kùnà

Kànga ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ fún ìlú kékeré kan ní Èkìtì ni mo yẹ̀ wò. Ohun tó lè mú un yọrí wà níbẹ̀: Kábíyèsí yọ̀ǹda ilẹ̀, owó dé lásìkò, ará ìlú sì ń fẹ́ omi.

Ilẹ̀ ni wọn kò yẹ̀ wò. Àpáta líle ló pọ̀ jù lábẹ́ ilẹ̀ Èkìtì. Ẹni tó bá ti rí Òkè Ọlọ́ṣunta ní Ìkẹ́rẹ́ á gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí àpáta bá ti jẹrà tàbí tó ti là ni omi máa ń wà, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wádìí ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Iwájú ọjà ni agbaṣẹ́ṣe gbẹ́ ẹ sí, kí gbogbo ayé lè rí i. Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, omi gbẹ. Èyí ló dùn mí jù, torí owó ìwádìí yẹn kò tó ti kànga rárá.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń fa omi jóná. Kò sí ìgbìmọ̀ omi, kò sí owó àtúnṣe nínú ìwé iṣẹ́. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi mọ ìsun tí kì í gbẹ. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n.