Lẹ́tà sí Dókítà nítorí ẹsẹ̀ Bàbá mi tó ń jó o

Lìbrẹ́fílì, Gàbọ́ọ̀nù
17 oṣù Kẹta, 2025

Sí Dókítà wa ní Kétu,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn. Ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé àlàáfíà ni lẹ́tà yìí bá yín.

Àkànní ni mí, àkọ́bí Bàbá àgbẹ̀ tó ń gbé lápá Àkàbà Ìdènà. Àbúrò mi, Ìyá Ṣadé, sọ fún mi pé ẹ ní kí ẹni tó mọ ìrora náà láti ìbẹ̀rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kí Bàbá tó wá rí yín ní Ọjọ́bọ̀. Bí mo tilẹ̀ jìnnà, èmi ni ó kàn, torí èmi ni Bàbá máa ń pè lóru nígbà tí oorun bá kọ̀. Ó máa ń rọra sọ̀rọ̀ kí ará ilé má baà jí. Ohun tó ń sọ fún mi lásìkò yẹn, kò ní sọ ọ́ lójú yín. Tí ẹ bá ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?", á ní ó ti ń fúyẹ́, Ọlọ́run ń bẹ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ yín. Ẹ má gbà á gbọ́.

Nígbà tí òjò ọdún tó kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Orí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ti kọ́kọ́ mú un, ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀. Ó ń ta á, ó ń yún un lábẹ́ awọ níbi tí èékánná kò lè dé. Nígbà tí òjò fi máa dá, ó ti gba gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ló dúró sí báyìí. Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé, "Àkànní, àfi bíi kí n máa tẹ eérú tí iná ṣì wà nínú rẹ̀." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an nìyẹn, mi ò fi nǹkan kan kún un.

Lójú ọ̀sán, ó ṣeé fara dà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tó na ẹsẹ̀ sórí ẹní, iná dé nìyẹn. Láti nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ títí di aago mẹ́ta òru ló máa ń le jù. Kò lè fi aṣọ bo ẹsẹ̀ náà. Etí aṣọ ìbora lásán tó bá kàn án, á yára fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Á dìde, á lọ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí kó bu omi àmù sínú bàsíà kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Tó bá rìn káàkiri àgbàlá, á dẹ̀ fún un díẹ̀. Tó bá tún dùbúlẹ̀, ó tún dé. Nígbà mìíràn nǹkan kan á gún un lójijì láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì dé gìgísẹ̀, á sì ti lọ kó tó lanu. Ẹsẹ̀ kò wú, kò sì pọ́n. Iṣan ẹsẹ̀ kò dùn ún tó bá rìn jìnnà lọ sí oko. Mo bi í léèrè dáadáa nípa ìyẹn torí mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Dókítà, apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ló ń bà mí lẹ́rù ju ìrora lọ. Ẹsẹ̀ tó ń jó o lóru yìí, òun náà ni kò mọ nǹkan mọ́. Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, Bàbá ń ti ọjà bọ̀, sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sílẹ̀ lójú títì, kò mọ̀. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lásán kí ọmọ aládùúgbò kan tó gbé e tẹ̀ lé e. Lásìkò ọyẹ́, ó jókòó nídìí iná láàárọ̀ kùtù, gìgísẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ igi tó ń jó. Ìyá Ṣadé ló rí i pé awọ ibẹ̀ ti lé roro, tó sì pariwo. Bàbá wò ó bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Iná tí kò sí ń jẹ́ kó pòṣé lóru, iná gidi sì jó o, kò mọ̀.

Ìyẹn ti jinná. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí Ìyá Ṣadé ya fọ́tò àtẹ́lẹsẹ̀ náà lábẹ́ iná mànàmáná kó fi ránṣẹ́ sí mi lórí wọ́ọ̀tísáàpù. Lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì, awọ ti yi, ó le gan-an, àárín rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ sì rin díẹ̀. Bàbá ń fi òrí pa á, ó ní ẹ̀gún oko ló wọ ibẹ̀. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní rárá. Ìdáhùn yẹn kò fọkàn mi balẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bi í léèrè ohunkóhun, ẹ bọ́ bàtà rẹ̀, kí ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín àwọn ọmọ ìka. Òun fúnra rẹ̀ kò lè tẹ̀ tó láti wò ó, ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni Bàbá. Ọdún 2016 ni wọ́n sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ. Mẹ́tífọ́mìn 850 ni wọ́n ní kó máa lò, ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́, àti àmúlódípìnì 5 fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí owó bá wọ́n, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń lò lóòjọ́ kí páálí oògùn lè pẹ́. Àwọn àsìkò kan wà tó pa á tì pátápátá, tó ń mu omi ewúro dípò rẹ̀. Ìyá Ṣadé ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gún ìka. Kí Bàbá tó jẹun láàárọ̀, ó ti rí 1.94, ó ti rí 2.31, ó tún rí 2.08 gíráàmù nínú lítà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí ṣúgà ti rí fún oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, wọn kò ṣe é fún un rí. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa níbí tún sọ fún mi pé ẹni tó bá ti lo mẹ́tífọ́mìn pẹ́, fítámì B12 lè dín kù lára rẹ̀, àìtó rẹ̀ náà sì lè mú kí ẹsẹ̀ máa jó báyìí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ bóyá ká yẹ ìyẹn wò.

Àwọn nǹkan tí kò ní sọ fún yín rèé. Ó ń mu sódábì, ife kékeré kan láràárọ̀ tí wọ́n rẹ egbò igi sí, àti òmíràn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wá. Ó ń ra oògùn ìrora lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e kiri lọ́jà. Ìyá Ṣadé rí ìbùpùròfẹ̀ẹ́nì àti dìkìlófẹ́nákì nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, àwọn kan tún wà tí kò ní orúkọ lára. Ó ń lò wọ́n léraléra, kò sì ràn án lọ́wọ́ lóru. Kíndìnrín rẹ̀ ni mò ń rò, pẹ̀lú àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìtọ̀ pàápàá ń dà á láàmú: ó ń dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru, á sì dúró pẹ́ kó tó jáde, díẹ̀díẹ̀. Ó ń tijú ọ̀rọ̀ yẹn, pàápàá lójú ọmọbìnrin rẹ̀. Mo kọ ọ́ torí nọ́ọ̀sì yẹn ní àmìtìríptílìnì wà lára àwọn oògùn tí wọ́n ń lò fún iṣan ara tó ń jó báyìí, ṣùgbọ́n ó lè dí ìtọ̀ arúgbó pa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ wà lọ́kàn yín tí ẹ bá ń yan oògùn.

Àwọn ará ilé kan ní ó tẹ oògùn mọ́lẹ̀ ni. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan, wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún un yí ọrùn ẹsẹ̀ ká. Ẹ máa rí àpá rẹ̀. Ojú gbẹ́rẹ́ náà ti san, mo dúpẹ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí abẹ kankan tún kan ẹsẹ̀ yẹn nílé, mo sì ti bẹ Ìyá Ṣadé kó má gbà fún ẹni tó ń dábàá omi gbígbóná. Tí ọ̀rọ̀ náà bá ti ẹnu yín jáde, wọ́n á gbọ́ ju tèmi lọ.

Ìdí tí Bàbá fi ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Àtọ̀gbẹ yìí náà ló mú àbúrò bàbá rẹ̀ kan ní Pọbẹ̀. Egbò kan ló bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ìka, ó pẹ́ nílé, nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà dé orúnkún. Láti ìgbà yẹn, lójú Bàbá, ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ lọ sí ọsibítù, ó di dandan kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sì rántí irú ẹni tó jẹ́. Nígbà èwe rẹ̀, oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Àwọn tó bá a jó ṣì ń sọ bí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń dáhùn ìlù láìṣìnà. Ẹsẹ̀ ni ìyì rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gígé dẹ́rù bà á. Ẹ sọ fún un pé nítorí kí ẹsẹ̀ náà lè pẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lẹ ṣe ń wò ó. Ẹ fi Yorùbá sọ ọ́, ẹ má yára. Ó ń bọ̀wọ̀ fún yín gan-an, ó máa ń dárúkọ yín.

Mi ò mọ ohun tí ẹ máa rí, mi ò sì fẹ́ gba iṣẹ́ yín ṣe. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kí wọ́n má tún fún un ní oògùn ìrora lásán kó máa lọ sílé, bó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn lọ́dún tó kọjá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní kó bọ́ bàtà. Ẹ bá mi dán ẹsẹ̀ náà wò, kí ẹ mọ ibi tí ìmọ̀lára dé àti ibi tí kò dé. Ẹ fọwọ́ kan ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lórí ẹsẹ̀. Ẹ wo egbò abẹ́ àtàǹpàkò yẹn lónìí, kó má di ti àbúrò bàbá rẹ̀. Tí oògùn kan bá wà tó lè jẹ́ kó sùn, kódà kó jẹ́ wákàtí mẹ́rin tó wọra, oore ńlá lẹ ṣe fún wa.

Ní ti owó, 40,000 fàráńsì wà lọ́wọ́ Ìyá Ṣadé fún àyẹ̀wò àti oògùn. Tó bá jẹ́ pé ọsibítù Pọbẹ̀ tàbí ti Àjàṣẹ́ ló yẹ kó lọ, ẹ sọ fún un, màá fi mọ́mọ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ìbátan wa kan sì ní mọ́tò tó máa gbé e. Kí ẹ má jẹ́ kó gun sẹmijan lọ. Tí ẹsẹ̀ bá kan ọ̀pá èéfín rẹ̀, kò ní mọ̀.

Lẹ́yìn aago méje alẹ́ ni mo máa ń kúrò níbi iṣẹ́. Aago kan náà ni Gàbọ́ọ̀nù àti Bẹ̀nẹ̀ ń lò, nítorí náà ìgbàkígbà tí ẹ bá ráàyè lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí Ìyá Ṣadé pè mí, kí n lè gbọ́ lẹ́nu yín. Tí ẹ bá kọ oògùn, ẹ bá mi kọ ọ́ sí ìwé gàdàgbà kó lè kà á, kí ẹ sì sọ èyí tó yẹ kó dáwọ́ dúró nínú àwọn tó wà nílé.

Ẹ ṣeun gan-an, Dókítà. Ẹ bá mi kí ilé.

Èmi ni,
Àkànní